Kànga kan, rìsọ́ọ̀tì méjì: 16.3 ppm àti 71 mg/L

Ọ̀rọ̀ kànga kan n'Ìbàdàn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ síbí. Àwọn tó ni ín ti gbà kí n kọ ọ́, orúkọ wọn nìkan ni wọn ò fẹ́ kí n dá, mi ò sì ní dárúkọ láàbù kankan. Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe, àyẹ̀wò omi kànga àti ti bóóhòólù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá. Irú ìjà tó ṣẹlẹ̀ nílé yìí, mo ti rí i níbòmíì, àmọ́ eléyìí ló yé mi jù nítorí pé gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ilé féèsì-mí-àyì-féèsì-yú ni. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ jìn, sókàwéè ilé náà ò sì ju nǹkan bíi mítà mẹ́rìnlá sí i lọ. Ìyá ìbejì kan wà lára àwọn tẹ́náǹtì, ọmú ẹ̀ ò tó àwọn ọmọ méjèèjì, ló bá ń po mílíìkì agolo kún un, omi kànga yìí náà ló ń sè tó fi ń pò ó. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn àwọn ọmọ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ló bi í pé omi wo ló ń lò. Nígbà tó gbọ́ pé kànga tó sún mọ́ sókàwéè ni, ó ní kó má wulẹ̀ fi sísè tan ara ẹ̀, kó lọ yẹ náítíréètì inú ẹ̀ wò kíákíá.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn rí nìyí o. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ tó bá wọlẹ̀ láti inú sókàwéè, kòkòrò inú ilẹ̀ máa ń sọ náítírójìn inú wọn di náítíréètì, omi a sì máa gbé náítíréètì yìí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Kò láwọ̀, kò ní òórùn, èèyàn ò lè fẹnu mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà lè mu ún kó má ṣe é ní nǹkan kan tó hàn, àmọ́ tó bá dé inú ọmọ jòjòló, ó lè yí padà di náítíráìtì, náítíráìtì a wá so mọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gbé ọ́síjìn bó ṣe yẹ mọ́, ètè ọmọ àti èékánná ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí aró. Ìdí nìyẹn tí WHO fi fi 50 mg/L ṣe ààlà náítíréètì nínú omi mímu, 50 yìí náà ló wà nínú ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà, NIS 554. Ìbejì wọ̀nyí ò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà yẹn, èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lọ́kàn gan-an.

Ìyá Ìbejì gbé omi lọ sí láàbù kan, wọ́n kọ ọ́ fún un pé náítíréètì, 71 mg/L. Ó gbé bébà náà lọ bá Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Bàbá kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, ó wò ó pé bóyá wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ omi bà òun lórúkọ jẹ́ ni, torí náà òun náà bu omi lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ sí láàbù míì, owó ara ẹ̀ ló sì fi san án. Tiẹ̀ jáde ní 16.3 ppm. Ààlà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí bébà ni 50. Bàbá ní ṣebí ẹ rí i, 16 ò tó 50, omi mi dáa. Ìyá Ìbejì ní 71 ju 50 lọ, omi yìí ò dáa fún ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ o yà mí nínú ilé.

Ibi tó wá dojú rú sí ni pé ọmọ Bàbá tó wà ní Pólì dá sí i. Ó ní bébà méjèèjì lè jọ tọ̀nà, pé ppm àti mg/L kì í ṣe yúníìtì kan náà, èèyàn gbọ́dọ̀ yí ọ̀kan padà sí ìkejì kó tó fi wọ́n wéra. Ó wá fọ́múlà kan lórí fóònù, ó fi 16.3 sọdipúpọ̀ ìwọ̀n náítíréètì tó jẹ́ 62, ó fi 24.45 pín in, ó rí 41.3. Ó ní ìdáhùn gan-an nìyẹn, 41.3 mg/L, kò tíì kan 50, kí gbogbo èèyàn fọkàn balẹ̀. Nọ́ńbà yìí jọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Ìbejì pàápàá fi ń ṣiyèméjì, ìgbà tí wọ́n wá rántí pé iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe nìyẹn.

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa yúníìtì, mo kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe bu omi náà. Kànga kan náà ni, wọ́n fa omi tó pọ̀ dànù kí wọ́n tó bu ti inú ìgò, ìgò méjèèjì mọ́, wọ́n gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín, láàbù méjèèjì sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pé ọjọ́ méjì. Ìyẹn ṣe pàtàkì o, torí tí omi bá jókòó sínú oòrùn, kòkòrò inú ẹ̀ lè jẹ náítíréètì tàbí kó ṣe òmíràn kún un, èèyàn á wá máa dá yúníìtì lẹ́bi. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín àwọn omi méjèèjì, òjò ò sì rọ̀, náítíréètì kànga kì í sáré wálẹ̀ láti 71 sí 16 mọ́jú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí wọ́n ń jà lé. Mg/L ni mílígíráàmù nǹkan nínú lítà omi kan. Ppm ni ìdá nínú mílíọ̀nù, ó túmọ̀ sí pé tí a bá pín gbogbo ẹrù sí mílíọ̀nù kan lọ́gbọọgba, mélòó ló jẹ́ ti nǹkan tí à ń wá. Tó bá jẹ́ ti omi, ìwọ̀n ẹrù ni wọ́n ń fi ṣe é, ìyẹn mílígíráàmù nínú kílò kan, torí kílò kan jẹ́ mílígíráàmù mílíọ̀nù kan. Ọ̀kan ń ka lítà, ìkejì ń ka kílò. Lóòótọ́, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà lórí bébà, ọmọ Pólì ò purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí èèyàn bi ara ẹ̀ ni pé lítà kan omi kànga yìí, kílò mélòó ni?

Èyí ò gba àríyànjiyàn, òṣùwọ̀n ló máa sọ ọ́. Mo gbé fúláàsìkì onílítà kan tó ní ìlà lọ́rùn sórí òṣùwọ̀n láìní nǹkan nínú, ó jẹ́ 198 gíráàmù. Mo rọ omi kànga náà sí i títí tí omi fi kan ìlà, mo nu ara ẹ̀ gbẹ, mo tún gbé e lé e, ó di 1,195. Omi tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ 997 gíráàmù nìyẹn. Yàrá náà gbóná tó 27°C, ìdí tí kò fi pé 1,000 géérégé nìyẹn, omi máa ń fẹ̀ díẹ̀ tó bá ń gbóná. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù jókòó tì mí, ojú ẹ̀ ló ṣe.

Ẹ wá wò ó báyìí. Tí 71 mg bá wà nínú lítà kan, inú 997 gíráàmù ló wà, ìyẹn 997,000 mílígíráàmù. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìdá nínú mílíọ̀nù, ó máa jẹ́ 71.2. Láti 71 sí 71.2 ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín mg/L àti ppm nínú omi kànga yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ náítíréètì gan-an lè fi ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣàṣìṣe, tẹ́ ẹ bá yẹ omi kan náà wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lè rí 70, kẹ́ ẹ tún rí 72. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ omi fi máa ń kọ ppm àti mg/L bí ẹni pé ọ̀kan náà ni, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ fún omi kànga, omi òjò, omi bóóhòólù tàbí omi odò. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún ppb, tó jẹ́ ìdá nínú bílíọ̀nù, àti µg/L.

Tí nǹkan bá rí bẹ́ẹ̀, yúníìtì kọ́ ló mú 71 yàtọ̀ sí 16.3. Nǹkan míì ni.

Kí n yára sọ ti 24.45 yẹn, torí mo mọ̀ pé àwọn míì náà máa bá a pàdé lórí fóònù. Fọ́múlà afẹ́fẹ́ ni. Nínú afẹ́fẹ́, ppm kì í ka ìwọ̀n ẹrù, ààyè ló ń kà, ìyẹn lítà gáàsì mélòó ló wà nínú lítà afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan, 24.45 sì ni iye lítà tí móòlù gáàsì kan máa ń gbà ní 25°C. Àwọn tó ń yẹ èéfín inú ilé iṣẹ́ wò ló nílò ẹ̀, ohun tó sì ń fún èèyàn ni mílígíráàmù nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́. Náítíréètì inú kànga kì í ṣe gáàsì, kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú 24.45. Ibi tó ti léwu ni pé ìdáhùn tó jáde, 41.3, bọ́ sí ibi tí èèyàn á gbà gbọ́. Ká ní ó jáde ní 4,000 ni, gbogbo ayé ì bá ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ fi ọkàn sí i, nọ́ńbà tó wà lójú gbogbo wa sọ pé ọmọ ọ̀hún lè máa mu ún.

Mo ní kí wọ́n kó bébà méjèèjì fún mi. Lórí ti Ìyá Ìbejì, wọ́n kọ NO3 síwájú 71. Lórí ti Bàbá, ọ̀rọ̀ náítíréètì ló wà lókè, àmọ́ nínú àpótí kékeré ìsàlẹ̀, lẹ́tà tó kéré débi pé mo ní láti gbé e sún mọ́ wíńdò, wọ́n kọ NO3-N. N yẹn ni gbogbo ìjà.

Náítíréètì kan, náítírójìn kan àti ọ́síjìn mẹ́ta ló so pọ̀. Náítírójìn wọn 14, ọ́síjìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 48, àpapọ̀ ẹ̀ 62. Láàbù kan wọn gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó sì sọ iye mílígíráàmù odindi náítíréètì tó wà nínú lítà kan. Láàbù kejì sọ iye mílígíráàmù náítírójìn tó wà nínú náítíréètì yẹn nìkan, ó fi ọ́síjìn sílẹ̀ láìkà á. Bí ìgbà tí ẹnì kan wọn ẹ̀pà pẹ̀lú èèpo, tí ẹnì kejì bó o kó tó wọ̀n ọ́n ni, ẹ̀pà kan náà ni o. Láti ti N sí odindi, 62 pín sí ọ̀nà 14 jẹ́ 4.43, ohun tí à ń fi sọdipúpọ̀ nìyẹn.

16.3 × 4.43 = 72.2

Ẹ fi 72.2 wé 71. Láàbù méjèèjì rí nǹkan kan náà! Ìyàtọ̀ tó kù ò ju ohun tí ẹ̀rọ méjì máa ń fi yàtọ̀ síra lọ. Tó bá sì jẹ́ ààlà ni a fẹ́ yí sí ti N, 50 pín sí ọ̀nà 4.43 jẹ́ 11.3, 16.3 ti Bàbá ju ìyẹn náà lọ dáadáa. Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá gbà wò ó, omi náà kọjá ààlà. Àṣìṣe tó wà lórí bébà Bàbá ni pé wọ́n fi N kọ èsì, wọ́n wá fi ààlà odindi náítíréètì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí N ṣe ń débẹ̀, torí kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣe jìbìtì. Láàbù kejì yẹn ń lo mítà kékeré kan tó ń ka àwọ̀. Wọ́n á bu omi sínú ìgò kékeré rẹ̀, wọ́n á tú páúdà díẹ̀ sí i, wọ́n á mì í fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, omi á wá pọ́n díẹ̀ bí oyin, bí náítíréètì bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ ọ̀hún á ṣe ki tó. Mítà náà máa ń ka àwọ̀ yìí, N ló sì máa ń gbé jáde fúnra ẹ̀ àyàfi tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì tó ń yí i padà sí NO3. Nígbà tí akọ̀wé láàbù bá ń tẹ nọ́ńbà sínú fọ́ọ̀mù tí ppm àti 50 ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, N á bọ́ sọnù lójú ọ̀nà tàbí kó sá sí ìsàlẹ̀. Amẹ́ríkà náà wà nínú ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ yìí, torí N ni wọ́n fi ń kọ ààlà tiwọn, 10 mg/L ni tiwọn, 10 ti N yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 50 ti odindi náítíréètì dọ́gba. Ẹni tó bá ka ìwé wọn pọ̀ mọ́ ti WHO láìwo lẹ́tà kékeré yẹn, á rò pé ààlà Amẹ́ríkà le ju ti gbogbo ayé lọ ní ìlọ́po márùn-ún.

Bàbá gbọ́ àlàyé mi, àmọ́ ó ní ìṣirò ni mò ń ṣe, báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀ pé láàbù ọ̀tún ò ṣi í kà tàbí pé ti òsì ò bàjẹ́. Ìbéèrè tó dáa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ fún un pé a máa fún láàbù méjèèjì ní omi tí àwa ti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, àwọn ò ní mọ̀, ká wá wo ohun tí wọ́n máa sọ.

Iyọ̀ kan wà tó ń jẹ́ potásíọ̀mù náítíréètì, KNO3. Nínú 101.1 gíráàmù ẹ̀, 62 ni náítíréètì, potásíọ̀mù ló kó ìyókù. Tí mo bá fẹ́ 50 mg náítíréètì, mo máa wọn 81.5 mg iyọ̀ náà. Mo kọ́kọ́ gbé e sínú ààrò ní 105°C mọ́jú kí ọ̀rinrin inú ẹ̀ gbẹ, torí tí ọ̀rinrin bá ṣì wà nínú ẹ̀, omi ni mo máa máa wọ̀n mọ́ ọn. Mo jẹ́ kó tutù nínú ìgò tó ń dènà ọ̀rinrin, mo wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá nínú ẹgbàárùn-ún gíráàmù, 0.0815 gíráàmù, kò tó ohun tó máa bo èékánná àtàǹpàkò. Mo dà á sínú fúláàsìkì onílítà kan, mo fi omi dísítíìlì, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú ẹ̀ kúrò, ṣan ìwé tí mo fi wọ̀n ọ́n pátápátá kí eérún kankan má ṣẹ́ kù, mo rọ omi náà dé ìlà, mo mì í. Bàbá fọwọ́ ara ẹ̀ pín in sínú ìgò méjì, ó kọ orúkọ kànga tí kò sí níbì kankan sí i lára, a gbé ọ̀kan lọ sí láàbù kọ̀ọ̀kan.

Láàbù Ìyá Ìbejì kọ 51 mg/L. Láàbù Bàbá kọ 11.2 ppm. Ẹ fi 11.2 sọdipúpọ̀ 4.43, 49.6. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn dájú, omi tí a fọwọ́ ara wa ṣe ní 50 ni wọ́n bá níbẹ̀, ọ̀kan sọ ọ́ ní NO3, ìkejì sọ ọ́ ní N. Bàbá wo bébà kejì yìí pẹ́ gan-an, ó wá ní kí n gbé òun lọ bá ọ̀gá láàbù náà. A lọ. Ọ̀gá náà ò jiyàn rárá, ó ṣí fọ́ọ̀mù náà lójú wa, ó kọ “bíi N” síwájú ppm, ó sì yí ààlà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sí 11.3. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gidigidi, torí kì í ṣe kànga kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù yẹn ń bá ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ sísè ló kù. Ìyá Ìbejì ní ṣebí òun ń sè é dáadáa, ó máa ń hó títí. Sísè ń pa kòkòrò, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ náítíréètì kì í bá ooru lọ. Omi ló ń lọ. Ó ń gbé lítà mẹ́rin kaná, nígbà tó bá fi máa sọ̀ ọ́, ó máa ń ku nǹkan bíi lítà mẹ́ta àti díẹ̀, a wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 3.2. Lítà mẹ́rin lọ́nà 71 jẹ́ 284 mg náítíréètì. 284 mg náà ló ṣì wà nínú ìkòkò, inú 3.2 lítà ló wá kó sí báyìí, ó ti di nǹkan bíi 89 mg/L. Bó ṣe ń sè é pẹ́ kó lè dáa sí i fún àwọn ọmọ ni náítíréètì ń ki sí i. Ọ̀rọ̀ yìí dun obìnrin náà, ó dun èmi náà láti sọ ọ́ fún un, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí.

Ọkùnrin kan tó ń ta fíltà tún yọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ó ti gbọ́ pé wọ́n ní wàhálà omi. Ó ki mítà kékeré bíi bírò bọ inú omi, ó gbé 412 ppm, ó ní 500 ni ààlà, omi dáa, àmọ́ fíltà òun á jẹ́ kó dáa sí i. Ppm kẹta rèé, nǹkan ọ̀tọ̀ ló sì ń kà. Bírò yẹn kì í wọn náítíréètì, kò tiẹ̀ wọn ẹrù kankan, bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi kọjá ló ń wọ̀n, ó wá ń fi nọ́ńbà kan tí wọ́n ti fi sínú ẹ̀ sọdipúpọ̀ kó lè sọ iye gbogbo iyọ̀ tó yòrò sínú omi. 0.5 ni bírò tiẹ̀ ń lò. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń lo 0.7, mo tì í bọ inú garawa kan náà, ó gbé 577. Bírò tirẹ̀ ní omi wà lábẹ́ 500, tèmi ní ó ti kọjá, omi ò sì yí padà. Fíltà tó ń tà jẹ́ yanrìn àti èédú, ìyẹn kì í dá náítíréètì dúró. Ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti omi gba inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí à ń pè ní áà-ó, àti èyí tó ń lo résìnnì tó ń pààrọ̀ náítíréètì, ni wọ́n lè ṣe é.

Ìgbà wo wá ni ppm àti mg/L máa ń yapa gan-an? Nígbà tí lítà kan nǹkan náà kò bá sún mọ́ kílò kan. Omi òkun ni èyí tó rọrùn jù láti rí, lítà kan ẹ̀ tó nǹkan bíi 1.025 kílò. Iyọ̀ inú ẹ̀ máa ń tó 35,000 ppm, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kà á ní lítà, ó ti di nǹkan bíi 35,900 mg/L, ẹni tó bá ń yẹ omi létí òkun ní Èkó wò gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń kà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kànga ńkọ́? Kílò la fi ń kà á, mg/L ò bá a mu. Fún omi mímu ti ilé wa, ìyàtọ̀ yìí ò lè sọ omi tó dáa di èyí tí kò dáa, N tó sá pamọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe parí ẹ̀ nìyí. Láti ọjọ́ tí èsì kejì yẹn dé ni Ìyá Ìbejì ti ń fi omi ibòmíì po mílíìkì, omi bóóhòólù ṣọ́ọ̀ṣì kan ládùúgbò tí a yẹ̀ wò tó jẹ́ 9 mg/L bíi NO3, ó ṣì ń sè é nítorí kòkòrò, kò sì jẹ́ kó hó pẹ́ mọ́. Ara àwọn ọmọ dá, a dúpẹ́. Kànga náà, wọ́n ń fi fọṣọ, wọ́n ń fi fọlẹ̀. Bàbá bi mí bóyá òun lè máa fi omi òjò là á nínú dúrọ́ọ̀mù, ìṣirò ẹ̀ gbè é, ìlàjì kànga àti ìlàjì omi òjò tí kò ní ju 1 mg/L lọ máa jẹ́ 36. Mo ní kí àwọn àgbàlagbà máa mu ún bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é, àmọ́ kó má kan àwọn ọmọ, torí ẹni tó bá sùn pẹ́ lè bu kànga kún un láìwọ̀n, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Bàbá ti kó sókàwéè, ó ti rí ẹni tó máa gbẹ́ òmíràn sí iwájú ilé, ibẹ̀ ju ọgbọ̀n mítà lọ sí kànga, ilẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ kànga níbẹ̀.

A tún omi náà yẹ̀ wò lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, láàbù Bàbá náà ló ṣe é. Wọ́n kọ 14.9 ppm bíi N, ààlà 11.3, ìyẹn 66 mg/L bíi NO3. Ó dín díẹ̀, kò tíì dáa. Ohun tó ti wọ inú ilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ò lè jáde kíá torí pé wọ́n kó sókàwéè lẹ́ẹ̀kan, a máa tún un ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí omi kànga bá wálẹ̀. Èmi ni mo máa bu omi náà, láàbù méjèèjì ló sì máa gbà á.